Mẹ́mò àbá sí àwọn ọ̀gá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ iná ilé àyẹ̀wò kan ní Òṣogbo

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá wọn sọ fún pé "lọ kọ ọ́ wá, ká lè mọ ohun tí a máa ṣe" ló sábà máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Mo kó wọn jọ síbí, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo sì fi dáhùn gbogbo wọn, kí ẹni tó bá ń kà á lè rí bí ìṣirò kan ṣe ń bọ́ sínú èkejì. Ká sọ pé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà ní Alékúwódò, ilé náà jẹ́ ilé háyà, owó bẹntiróòlù sì ti ń jẹ èrè wọn tán. Owó àpẹẹrẹ ni gbogbo iye tí mo kọ, mo mú èyí tó rọrùn láti kà. Ẹ fi iye tí ẹ bá bá lọ́jà rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yí padà.

Ta ló ń ka irú mẹ́mò bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe?

Ẹni tó ní àṣẹ láti náwó ló ń kà á. Kò kà á kó lè ní ìmọ̀ nípa iná. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ fẹ́ kó fọwọ́ sí, iye tó máa ná, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá bá ka mẹ́mò yín tán tó tún pè yín pé "kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?", mẹ́mò náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ló yẹ kó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an?

Àbá yín ni, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi ìtàn ṣáájú: bí iná ṣe ń lọ, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá, bí àwọn oníbàárà ṣe ń kùn. Ojú ìwé kan á ti tán kí ọ̀gá tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ nìyí:

> Sí: Ọ̀gá Àgbà
> Láti ọ̀dọ̀: Alábòójútó iṣẹ́
> Ọ̀rọ̀ nípa: Iná ilé àyẹ̀wò wa
>
> A dá a lábàá pé kí ẹ fọwọ́ sí 2,900,000 náírà láti fi ra ínfátà, bátìrì àti sólà tó máa gbé fíríìjì, ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti kọ̀ǹpútà wa. Jẹnẹrétọ̀ tí a ní á máa gbé àwọn nǹkan tó wúwo. Láàárín ọdún 3, ọ̀nà yìí á dín owó tí a ń ná sórí iná kù láti 8,700,000 sí 5,720,000 náírà. Owó tí a fi rà á á ti padà wọlé ní nǹkan bí oṣù 20.

Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. Ọ̀gá tí kò bá ráyè ka ìyókù ti mọ ohun tí ẹ ń bèèrè. Èyí tó bá fẹ́ jiyàn náà ti mọ iye tó yẹ kó jiyàn lé lórí.

Ọ̀nà mélòó ni kí n fi síwájú wọn?

Mẹ́ta tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n á rò pé ẹ ti bá ẹni tó ń ta ọjà náà dọ́gbọ́n. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ ti da iṣẹ́ yín padà sí ọ̀gá lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kí a wà bí a ṣe wà. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé rẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé kò ná wa ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wọ́n jù nínú àpẹẹrẹ wa yìí. Nítorí náà, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a máa lo jẹnẹrétọ̀ lọ. Èkejì ni sólà kíkún, tó máa gbé gbogbo ilé. Ẹ̀kẹta ni sólà díẹ̀ fún àwọn nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ kú, kí jẹnẹrétọ̀ máa ṣe ìyókù.

Ẹnì kan lè béèrè pé iná ìjọba ńkọ́. Lóòótọ́, ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ tó ń bójú tó iná, NERC, gbé owó àwọn tó wà ní Band A lọ sí 225 náírà fún yúnítì kan, àwọn yẹn sì ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́ fún. Ṣùgbọ́n bí ilé yín kò bá sí lórí wáyà Band A, kì í ṣe ọ̀gá yín ló máa gbé yín débẹ̀, ilé iṣẹ́ IBEDC ni. Ohun tí ọ̀gá kò lè fọwọ́ sí kì í ṣe ọ̀nà. Ẹ kọ gbólóhùn kan pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò àti ìdí tí ẹ fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì kọjá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí jẹnẹrétọ̀ ń ná wa gan-an?

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ, nítorí iye yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé. Ẹ má fi ìfojúdíwọ̀n ṣe é, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ gba ìwé owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú owó, ìwé tí wọ́n fi ń kọ 3,000 tòní àti 5,000 tàná, kí ẹ ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ máa rí i pé epo nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n ń pààrọ̀ wà níbẹ̀, pílọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, owó mẹkáníìkì wà níbẹ̀, owó ọ̀kadà tí ọmọ iṣẹ́ fi gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé epo náà wà níbẹ̀, tí wọ́n kàn kọ ọ́ sí "tíránsípọ́ọ̀tì".

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú ara yín wọn epo fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bu epo kún táǹkì láàárọ̀, kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì tó ní àmì lítà bù ú kún padà lálẹ́. Bí ìwé owó bá ní lítà 11 lójúmọ́, tí táǹkì sì ní 8, ìyàtọ̀ lítà 3 yẹn gbọ́dọ̀ ní àlàyé kí ẹ tó kọ mẹ́mò. Sólà kò lè dá epo tí jẹnẹrétọ̀ kò mu padà, bí ẹ bá sì kà á mọ́ èrè sólà, ẹ ti ṣèlérí owó tí kò ní wọlé.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ó jẹ́ lítà 8 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Èyí jẹ́ lítà 208. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, epo á jẹ́ 208,000 lóṣù. Ẹ fi 17,000 kún un fún ọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì àti mẹkáníìkì, ó di 225,000.

Ṣé iye tí ọlọ́jà bá dá lé e kò tó fún mi láti fi wọ́n wéra?

Kò tó rárá. Iye tí ẹ fi ra nǹkan yàtọ̀ sí iye tí ẹ máa ná sí i. Ẹ mú iye ọdún kan náà fún gbogbo ọ̀nà, kí ẹ ka gbogbo owó tó máa jáde láàárín ọdún náà. Mo mú ọdún 3 níbí. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: 225,000 lóṣù fún oṣù 36 jẹ́ 8,100,000. Jẹnẹrétọ̀ tó wà nílẹ̀ ti gbó, a ó ra òmíràn láàárín ọdún 3 náà ní 600,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,700,000.

Ọ̀nà kejì: sólà kíkún pẹ̀lú owó àwọn tó máa tò ó jẹ́ 5,500,000. Epo díẹ̀ fún ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀ jẹ́ 20,000 lóṣù, ìyẹn 720,000. Ìtọ́jú jẹ́ 60,000 lọ́dún, ìyẹn 180,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,400,000.

Ọ̀nà kẹta: ríra àti títò rẹ̀ jẹ́ 2,900,000. Jẹnẹrétọ̀ á ṣì máa mu lítà 2 ààbọ̀ lójúmọ́, ìyẹn lítà 65 lóṣù ní 65,000. Ọ́ìlì àti mẹkáníìkì á wálẹ̀ sí 10,000. Ó jẹ́ 75,000 lóṣù, 2,700,000 fún ọdún 3. Ìtọ́jú sólà jẹ́ 40,000 lọ́dún, ìyẹn 120,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,720,000. Mi ò ka jẹnẹrétọ̀ tuntun mọ́ èyí, nítorí iṣẹ́ tí èyí tó wà nílẹ̀ á máa ṣe kò ní tó ìdá mẹ́ta èyí tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ èrò yín bẹ́ẹ̀ sínú mẹ́mò, kí ẹni tí kò bá gbà lè fi 600,000 náà kún un fúnra rẹ̀. Bó bá fi í kún un, 6,320,000 ni, ó ṣì kéré sí méjèèjì tó kù.

Bí ẹ bá máa yá owó náà ní kọ́péréètì tàbí ní báńkì, èlé rẹ̀ wà lára owó tó máa jáde. Ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀ síta.

Oṣù 20 tí ẹ ní owó á fi padà, báwo lẹ ṣe rí i?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń jẹ 225,000 lóṣù. Ẹ̀kẹta á máa jẹ 75,000, pẹ̀lú nǹkan bí 3,300 fún ìtọ́jú. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín lóṣù kan jẹ́ nǹkan bí 146,700. Ẹ fi pín 2,900,000, ẹ máa rí oṣù 20 ó dín díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún sólà kíkún, 200,000 lóṣù ló máa kù, owó á sì padà ní oṣù 27 ààbọ̀.

Sólà kíkún ló máa ń pa epo tì. Kí ló dé tí ẹ kò yàn án?

Ìbéèrè tó dára jù tí ọ̀gá lè bi yín nìyí, ẹ sì ti gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn rẹ̀ kó tó ẹnu rẹ̀. Bí a bá ka ọdún 5 dípò 3, ọ̀nà kejì á jẹ́ 7,000,000, ẹ̀kẹta á sì jẹ́ 7,600,000. Sólà kíkún ló borí nígbà náà. Iye ọdún tí ẹ yàn ló ń pinnu ẹni tó borí, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ yàn án láìní ìdí.

Ìdí tiwa ni ilé. Àdéhùn háyà ilé àyẹ̀wò náà ku ọdún 3. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá onílé á tún un ṣe, tàbí iye tó máa bù lé e. A lè tú páńẹ́lì kúrò lórí òrùlé, a lè gbé bátìrì lọ, ṣùgbọ́n wáyà, irin tí wọ́n fi gbé e ró àti owó iṣẹ́ á ṣòfò, páànù tí wọ́n sì ti lu á máa jò bí wọn kò bá dí i dáadáa. Bí a bá wà nínú ilé tara wa, ọ̀nà kejì ni mo máa kọ síbẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kan wà tó so méjèèjì pọ̀. Ẹ ra ínfátà tó tóbi ju ohun tí ẹ nílò báyìí lọ díẹ̀, 5kVA dípò 3, kí bátìrì àti páńẹ́lì lè máa kún un lẹ́yìn ọ̀la. Owó tó lé lórí rẹ̀ kò pọ̀, mo sì ti kà á mọ́ 2,900,000 náà. Bí onílé bá tún háyà ṣe, a ó kàn fi kún ohun tó wà nílẹ̀ ni, a kò ní tú nǹkan kan dànù. Ẹ kọ èyí sínú mẹ́mò ní gbólóhùn méjì. Ó ń fi hàn pé àbá yín kò dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí owó epo bá já wálẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má dáhùn pé "kò lè já wálẹ̀". Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa ti rí i tó ń gòkè tó sì ń sọ̀. Ẹ wá ibi tí àbá yín ti máa yí padà.

Láàárín ọdún 3, ọ̀nà àkọ́kọ́ á mu lítà 7,488, ẹ̀kẹta á mu 2,340. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ lítà 5,148. Bí ẹ bá yọ owó epo kúrò nínú méjèèjì, ẹ̀kẹta fi 2,168,000 wọ́n ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi 5,148 pín 2,168,000, ẹ máa rí nǹkan bí 421. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àfi bí owó lítà kan bá wálẹ̀ débi tí kò tó 421 náírà, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún 3, kí jẹnẹrétọ̀ tó sàn. Irú gbólóhùn yìí lágbára ju kí ẹ máa sọ pé epo á máa wọ́n sí i, nítorí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa dá a rò bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a kò lè fi owó kà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé kà, a kàn máa ń yára juwọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ wo fíríìjì. Púpọ̀ nínú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Jẹnẹrétọ̀ ń kú ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ ilé. Bí iná kò bá wá títí ilẹ̀ fi mọ́, fíríìjì á ti gbóná kọjá 8, kẹ́míkà náà kò sì ní yí àwọ̀ padà tí èèyàn á fi mọ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé èsì àyẹ̀wò ìdánwò àárọ̀, èyí tí a ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Wọ́n á tún un ṣe, kò ní bọ́ síbẹ̀, wọ́n á da páálí odindi nù.

Ẹ fi tẹmómítà sínú fíríìjì náà, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù kan ẹ ó mọ òru mélòó ló kọjá 8, ìwé ọjà á sì sọ iye páálí tí ẹ ti dà nù. Ẹ kọ iye náà sọ́tọ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó iná, kí ẹni tó bá fẹ́ bi yín léèrè nípa rẹ̀ lè rí i ní ojú ara rẹ̀. Ohun tí kò ṣeé kà lóòótọ́, bíi dókítà tó dá èsì wa padà tí kò sì tún rán aláìsàn wá mọ́, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan láìfi iye kankan sí i. Iye tí ẹ bá hùmọ̀ síbẹ̀ á ba àwọn iye tòótọ́ jẹ́.

Ṣé kí n kọ àléébù ọ̀nà tí mo yàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì kọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run Òṣogbo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, páńẹ́lì kò sì ní mú iye tí ọlọ́jà sọ wá. Nígbà ọyẹ́, oòrùn á ràn ṣùgbọ́n eruku á bò ó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gun òkè lọ nù ún. Ẹ kọ ẹni náà sílẹ̀. Ewu tó tún ju ìyẹn lọ wà nínú ilé gan-an: ẹnì kan á so ẹ̀rọ amúlétutù tàbí kẹ́tù omi gbígbóná mọ́ ínfátà, bátìrì á tán ní ọ̀sán, fíríìjì á kú lóru. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni kí oníná ya wáyà ínfátà sọ́tọ̀ pátápátá, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn. Owó rẹ̀ wà nínú iye tí a kọ.

Àgbà ni ọ̀gá mi. Ṣé kò ní dà bíi pé mo ń pàṣẹ fún un?

Mo mọ ìbẹ̀rù yìí dáadáa, òun ló sì ń mú kí a máa kọ "bóyá ẹ lè fi ojú àánú wò ó bí ó bá wù yín". Ọ̀wọ̀ wà nínú "ẹ" àti "yín", ó wà nínú bí ẹ ṣe kí wọn, ó sì wà nínú pé àwọn ló máa fọwọ́ sí i. Kò yẹ kí ó wà nínú fífi ọ̀rọ̀ pamọ́. "Ọ̀gá, ọ̀nà kẹta ni a dá lábàá, ìdí rẹ̀ nìyí" kò ní àrífín kankan. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀gá ti ní ọ̀nà kan lọ́kàn, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì kí mẹ́mò tó dé iwájú àwọn yòókù. Kò sí àgbà tó fẹ́ kí ìwé ya òun lẹ́nu lójú ìpàdé.

Ojú ìwé mélòó ló yẹ kó jẹ́?

Méjì. Ìṣirò lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àti ìwé iye owó àwọn ọlọ́jà lè wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé iye owó ti ọlọ́jà mélòó ni kí n gbà?

Mẹ́ta, fún nǹkan kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: ínfátà 5kVA, bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó lè gba yúnítì 5, páńẹ́lì 4, wáyà tirẹ̀ sọ́tọ̀, owó iṣẹ́, gàráǹtì ọdún mélòó. Bí ẹnì kan bá fún yín ní iye bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tí èkejì fún yín ní ti bátìrì olómi, iye wọn kò ṣeé fi wéra. Bátìrì olómi kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lójú ọjà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ó ju ìdajì lọ kí ẹ tó gba iná sí i, kò ní pẹ́ kó tó bàjẹ́. Nítorí náà, èyí tí wọ́n kọ yúnítì 5 sí lára, bí 2 ààbọ̀ ni ẹ lè lò nínú rẹ̀.

Kí ni kí n kọ sí ìparí, níbi tí wọ́n á fọwọ́ sí?

Ẹ kọ ohun tí ìfọwọ́sí náà bò, ọjọ́ tí iye ọlọ́jà máa kásẹ̀ nílẹ̀, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí owó tó jáde. Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: èkíní ni kí onílé fi ọwọ́ kọ ọ́ pé a lè gbé páńẹ́lì sórí òrùlé, àti pé tiwa ni wọ́n bí a bá ń lọ. Èkejì ni kí káfíńtà gun òkè lọ wo igi òrùlé náà bóyá ó lè gbé e. Ó lè rí báyìí:

> A bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí 2,900,000 náírà fún ọ̀nà kẹta. Iye ọlọ́jà á kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 14 sí òní. A ó san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí ìwé onílé àti ìròyìn káfíńtà bá ti wọlé, a ó san ìyókù lẹ́yìn tí fíríìjì bá ti ṣiṣẹ́ lórí bátìrì fún òru 3 láìkọjá ìwọ̀n 8.
>
> Mo fọwọ́ sí i ☐  Mi ò fọwọ́ sí i ☐  Ẹ wá ká sọ̀rọ̀ ☐